Orúkọ fáìlì fídíò àti àlàyé inú rẹ̀: èyí tí YouTube ń kà àti èyí tí kò kà

Fídíò tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ìṣẹ́jú 12 péré ni. Bàbá kan ló ń fín igbá lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́. Fóònù ni mo fi yà á. Nígbà tí mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, orúkọ tí mo bá lára fáìlì náà ni `VID_20250315_104210.mp4`. Àbúrò mi tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbé e sókè o. Ẹ jẹ́ ká kọ táàgì sínú rẹ̀ ná, kí YouTube lè tètè rí i." Ó fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ó ṣí `Properties`, ó bọ́ sí `Details`, ó sì ti ń kọ "igbá, Ọ̀yọ́, àṣà, Yorùbá, ọnà" sí iwájú `Tags` kí n tó dá a dúró. Ó ti fún fídíò náà ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Mi ò bá a wí, torí mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn yẹn ti wá. Èmi náà sanwó kọ́ ọ. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan pe àwa oníkámẹ́rà jọ, ó ní àṣírí àwọn tó ń rówó lórí YouTube ni pé wọ́n máa ń kún inú fáìlì dáadáa kí wọ́n tó gbé e sókè. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí mo yà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà mí tó ìdajì wákàtí. Àkọlé tí èèyàn máa rí lójú ìkànnì gan-an, ìṣẹ́jú kan ni mo fi ń kọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé orúkọ fáìlì kò sí nínú fáìlì. Ó dà bí orúkọ tí èèyàn fi ẹfun kọ sára ilẹ̀kùn yàrá: ẹ lè pa á rẹ́, kí ẹ kọ òmíràn, ẹrù inú yàrá kò ní mira. Àlàyé tí a ń kọ sínú `Details` yàtọ̀ sí i. Inú fáìlì mp4 fúnra rẹ̀ nìyẹn máa ń wọ̀, ní apá kan tó wà lọ́tọ̀ sí àwòrán àti ohùn. Inú fáìlì kan náà ni fóònù yín ti kọ àwọn nǹkan tí ẹ̀yin kò sọ pé kó kọ: ọjọ́ àti aago, bí ẹ ṣe di fóònù mú, irú àwọ̀ tó lò, àti nígbà míì, ibi tí ẹ dúró sí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá kan ohun tí ẹ máa fọwọ́ ara yín tẹ̀ sínú àpótí ìkànnì: àkọlé, àpèjúwe, táàgì. Àwọn èèyàn máa ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

## Ẹ dán an wò kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ohunkóhun tó bá wà níwájú yín. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ `ewure.mp4`. Ẹ ṣí `Properties`, ẹ lọ sí `Details`, níwájú `Title` kí ẹ kọ `aguntan`. Ẹ tẹ `OK`. Ní báyìí, fáìlì yín ní orúkọ méjì tó ta kora: ewúrẹ́ lóde, àgùntàn nínú.

Ẹ ṣí YouTube lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fa fáìlì náà síbẹ̀, kí ẹ sì wo àpótí àkọlé. Ewure ni ẹ máa rí. Orúkọ tó wà lóde ni YouTube gbé síbẹ̀ láti bá yín dín iṣẹ́ kù. Àgùntàn yẹn kò ní jáde níbìkankan. Ẹ lè pa fídíò náà rẹ́ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹlòmíì lè sọ pé bóyá YouTube ń ka táàgì inú fáìlì ní ìkọ̀kọ̀, tí kò kàn fi hàn wá. Ohun méjì ló jẹ́ kí n kúrò nínú iyèméjì yẹn. YouTube fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ pé àkọlé, àwòrán ojú fídíò àti àpèjúwe ló ń jẹ́ kí èèyàn rí fídíò, àti pé táàgì tí ẹ tẹ̀ sínú àpótí tirẹ̀ gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, àfi bí ọ̀rọ̀ inú fídíò yín bá jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣì kọ. Bí táàgì tí a kọ sí ojú rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, kí la fẹ́ kí èyí tó wà nínú fáìlì ṣe?

Èkejì ni pé ìwé tí YouTube kọ fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà to ohun tó máa ń mú nínú fáìlì tí a bá gbé fún un. Orúkọ àpótí náà ni `fileDetails`. Ohun tó wà níbẹ̀ ni orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó, irú fáìlì tó jẹ́, bó ṣe gùn tó, ọjọ́ tí wọ́n dá a, àti ti àwòrán òun ohùn: fífẹ̀, gíga, iye fírémù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kódẹ́ẹ̀kì, àti ìyísí. Kò sí `Title` níbẹ̀, kò sí `Comments`, kò sí `Tags`, kò sí ìràwọ̀. Ẹni tó ni fídíò nìkan ló sì lè rí àkọsílẹ̀ yẹn.

Ní ti ìràwọ̀ márùn-ún, mo wádìí ibi tó ń lọ. Windows máa ń kọ ọ́ sí apá kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú fáìlì, lábẹ́ orúkọ `SharedUserRating`, nọ́ńbà tó sì ń kọ síbẹ̀ fún ìràwọ̀ márùn-ún ni 99. Ó wà fún èèyàn tó fẹ́ to fídíò inú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, kó lè mọ èyí tó fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ló parí sí.

## Ohun tí wọ́n ń kà ní tòótọ́, tó sì lè bà yín jẹ́

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ ìyísí tí mo kà lókè yìí. Ibi tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra nìyẹn, ju ọ̀rọ̀ táàgì lọ fíìfíì.

Bí ẹ bá di fóònù mú lóòró, kámẹ́rà inú rẹ̀ kò yí padà. Ní ìbú ló ṣì ń gba àwòrán. Fóònù á wá kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sínú fáìlì pé kí ẹ̀rọ tó bá fẹ́ ṣí i yí i ní ìwọ̀n 90. YouTube ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ń ṣe ohun tó sọ. Bí nǹkan bá pa á rẹ́, tàbí tó kọ òmíràn lé e, fídíò yín á dùbúlẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gba ètò ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀ tó ní òun máa ń fọ inú fáìlì mọ́, mo fi fọ fídíò ìgbéyàwó kan tí mo yà lóòró. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dúró dáadáa, nítorí mo ṣì ń wo ẹ̀dà ti àtijọ́ láìmọ̀. Nígbà tó dé orí ìkànnì, tọkọtìyàwó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá ìyàwó ló pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní láti pa á rẹ́, kí n gbé òmíràn sókè, gbogbo àwọn tó ti wò ó àti ọ̀rọ̀ ìkíni tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ, torí YouTube kì í jẹ́ kéèyàn fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lábẹ́ línkì kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ń ya fídíò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé irú àwọ̀ yìí ni. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá sọnù, fídíò á ṣá, á funfun bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn jù. Ẹ ò ní rí i lójú ẹsẹ̀, àfi kí ẹ tò ó ti ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Láti mọ ohun tó wà nínú fáìlì yín, ẹ fi `ffprobe` sórí kọ̀ǹpútà. Ó máa ń bá `ffmpeg` wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ, èyí tí Windows ń pè ní `Command Prompt`, nínú fódà tí fídíò wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí:

```
ffprobe -hide_banner VID_20250315_104210.mp4
```

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ á jáde. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ìlà díẹ̀ péré la nílò. Ohun tí mo rí nínú ti bàbá onígbá nìyí, mo yọ èyí tí kò kàn wá kúrò:

```
creation_time : 2025-03-15T09:42:10.000000Z
location      : +07.8500+003.9300/
displaymatrix: rotation of -90.00 degrees
```

Ìlà tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ìyísí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ohunkóhun tí ẹ bá fi ṣe fáìlì náà, ẹ tún tẹ àṣẹ kan náà, kí ẹ wò ó bóyá ìlà yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá ti gbé fídíò gba inú ètò tí a fi ń gé fídíò, tó sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde bí fídíò tuntun, ìlà náà lè má sí mọ́, nítorí ètò yẹn ti yí àwòrán gan-an. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni pé kó pòórá nígbà tí kò sí ẹni tó yí àwòrán.

Ti àwọ̀ wà ní ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Video:`. Bí ẹ bá rí `bt709` níbẹ̀, àwọ̀ àtijọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀ ni. Bí ẹ bá rí `bt2020` pẹ̀lú `arib-std-b67`, irú ti fóònù tuntun nìyẹn, kó sì wà bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ fi máa gbé e sókè.

Aago tó wà ní `creation_time` fi wákàtí kan dín sí tiwa. Aago 10:42 àárọ̀ ni mo ya bàbá, ó kọ 09:42. Lẹ́tà `Z` tó wà ní ìparí túmọ̀ sí pé aago àgbáyé ni, ti Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ má tún un ṣe. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ èyí tí bátìrì rẹ̀ máa ń kú tí ọjọ́ á sì daru, ẹ lè rí ọdún tí kò bá ojú mu, kódà 1904, torí ọdún yẹn ni irú fáìlì yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Àwọn tó ń wò kò ní rí i. Ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ni YouTube ń fi hàn wọ́n. Bí ọjọ́ tí ẹ yà á bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ ọ́ sí àpèjúwe.

Àmì kan tún wà tó ti ń wọlé láti 2024. Àwọn kámẹ́rà àti ètò kan ń fi ìwé ẹ̀rí sínú fáìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní C2PA, tó ń sọ ibi tí fídíò ti wá àti bóyá ẹ̀rọ ló dá a. TikTok àti YouTube ń kà á, wọ́n sì lè fi àmì sára fídíò nítorí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà so mọ́ fáìlì bí èdìdì: bí ẹ bá fi ètò tí kò mọ̀ ọ́n yí nǹkan kan padà nínú fáìlì, èdìdì ti já nìyẹn.

## Ibi tí ẹ dúró sí

Ìlà `location` yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ya èèyàn ní fídíò mọ̀.

Nígbà tí mo ń kó ẹrù mi, bàbá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn tó bá rí i níbẹ̀ á mọ ilé mi?" Ilé rẹ̀ ni a ti yà á, kì í ṣe ìsọ̀. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mo ní láti mú un ṣẹ.

Nọ́ńbà inú ìlà yẹn jẹ́ ibi tí fóònù wà nígbà tó ń yà. Mo ti fi nọ́ńbà àárín ìlú rọ́pò ti ilé bàbá nínú ohun tí ẹ rí lókè. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn àmì ìdá, ìyàtọ̀ ẹyọ kan níbi èyí tó kẹ́yìn kò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sínú máàpù lórí fóònù á bá a dé agbo ilé, á sì kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀kùn.

YouTube kì í fi nọ́ńbà yẹn hàn àwọn tó ń wò, ẹ̀dà tuntun ló sì máa ń ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n fáìlì wa kì í lọ sí YouTube nìkan. Ẹ máa fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìyẹn `Document`, kó má baà dínkù, ẹ máa gbé e sí Google Drive, ẹ sì lè gbé e sórí ìkànnì tiyín. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, fáìlì yẹn gan-an ló ń lọ, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀.

Ètò tí mo fi ń yọ ọ́ ni `exiftool`. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í fọwọ́ kan àwòrán tàbí ohùn, ọ̀rọ̀ ìyísí á sì wà níbi tó wà. Mo kọ́kọ́ sọ ẹ̀dà fídíò náà di `igba.mp4` kó lè rọrùn láti tẹ̀, mo wá pàṣẹ:

```
exiftool -Keys:GPSCoordinates= -UserData:GPSCoordinates= -ItemList:GPSCoordinates= igba.mp4
```

Ibi mẹ́ta ni mo dárúkọ nítorí kì í ṣe ojú kan náà ni gbogbo fóònù ń kọ ọ́ sí. Fóònù Android sábà máa ń kọ ọ́ sí `UserData`, iPhone ń kọ ọ́ sí `Keys`. Ẹ má fi àlàfo kankan sí àárín orúkọ àti àmì `=`, ẹ má sì kọ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Òfìfo yẹn ló túmọ̀ sí pé kó pa á rẹ́. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò:

```
exiftool -a -G1 -s "-GPS*" igba.mp4
```

Bí kò bá sí ohun tó jáde, ó ti lọ. Bí ìlà kan bá ṣì jáde, ẹ wo orúkọ tó wà nínú àkámọ́ níwájú rẹ̀, ibẹ̀ ló kù sí. Kámẹ́rà kéékèèké tí wọ́n ń dè mọ́ orí tàbí mọ́ ọ̀kadà lè máa kọ ibi tó wà léraléra bó ṣe ń lọ, nínú okùn kan lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Àṣẹ tí mo kọ yìí kò lè mú ìyẹn kúrò. Fún irú rẹ̀, ẹ gbé fídíò gba inú ètò ìgéfídíò, kí ẹ tẹ ẹ̀dà tuntun jáde, kí ẹ sì tún fi `ffprobe` wò ó.

Ohun kan wà tó kọ́kọ́ mú mi: lẹ́yìn àṣẹ yìí, `exiftool` máa ń tọ́jú ẹ̀dà ti àtijọ́ sínú fódà kan náà lábẹ́ orúkọ `igba.mp4_original`. Ibi tí bàbá ń gbé ṣì wà nínú ìyẹn. Bí ẹ bá fi odidi fódà ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹ ti fi ohun tí ẹ yọ ránṣẹ́ nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn, mo ti pa ìwádìí ibi tí fóònù wà lórí áàpù kámẹ́rà mi. Ó wà nínú ètò áàpù náà fúnra rẹ̀, ẹ ò ní láti pa ti odidi fóònù.

## Orúkọ tó yẹ kí fáìlì jẹ́

Níwọ̀n bí YouTube ti ń gbé orúkọ fáìlì sínú àpótí àkọlé, tí kò sì sí ẹni tó máa fipá mú yín yí i padà, ewu rẹ̀ ni kí ẹ gbàgbé. Mo ti rí ìwàásù, mo ti rí oríkì, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ `VID` àti òǹkà nọ́ńbà, tí kò sì sẹ́ni tó lè wá a kàn láéláé. Nítorí náà, orúkọ fáìlì yẹ kó jẹ́ ohun tí kò ní tì yín lójú bí ẹ bá gbàgbé láti fọwọ́ kàn án.

Èmi ń lo ẹ̀dà méjì. Èyí tó ń wà nínú fódà mi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù àti ọjọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe máa tò wọ́n tẹ̀léra fúnra rẹ̀: `2025-03-15_igba-fifin_oyo_01.mp4`. Èyí tó ń lọ sókè kò ní ọjọ́ lára: `Igba fifin ni Oyo.mp4`.

Ẹ á rí i pé mi ò fi àmì ohùn sí i. Kì í ṣe pé mi ò ka àmì sí. Ó ń dùn mí bí mo bá rí Yorùbá tí wọ́n bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ orúkọ fáìlì kì í ṣe ibi tó yẹ ká ti jà fún un. Lẹ́tà `ọ̀` kan ṣoṣo, ọ tó lámì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lókè, báìtì márùn-ún ló ń gbà, nígbà tí `o` ń gba ẹyọ kan. Lórí Android àti Linux, orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ ju báìtì 255 lọ, ẹ sì lè tètè kan ògiri. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà kọ `á`: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan tó ti ní àmì, ó sì lè jẹ́ `a` tí àmì wá jókòó lé lórí. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà ló mọ̀. Ẹ lè wá fáìlì yín lórúkọ, kó ní kò sí, nígbà tó wà níwájú yín. Inú àpótí àkọlé lórí ìkànnì ni kí ẹ kó gbogbo àmì yín sí. Ibẹ̀ ni èèyàn máa kà á.

Ẹ yẹra fún àwọn àmì `/ \ : * ? " < > |` pẹ̀lú. Windows kò gbà wọ́n. Bí oníbàárà bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà fi ránṣẹ́, ó máa dé bí `VID-20250315-WA0007.mp4`. Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ, dídára rẹ̀ sì ti dínkù. Ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé.

Ibi méjì wà tí orúkọ fáìlì ti ń ṣiṣẹ́ ní ti gidi. Àkọ́kọ́ ni ìkànnì tiyín. Bí ẹ bá gbé fídíò sórí rẹ̀, orúkọ náà á di apá kan àdírẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á rí i. Àlàfo inú orúkọ á di `%20`, `ọ̀` nìkan á sì di `%E1%BB%8D%CC%80`. Àmì `-` ni kí ẹ fi sáàárín ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohun tí Google ń béèrè níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ fáìlì. Ohun tó ń wá ni àlàyé `VideoObject` tó wà nínú ojú ewé, èyí tó gbọ́dọ̀ ní àkọlé, àwòrán ojú fídíò àti ọjọ́ tí ẹ gbé e sí i:

```
"@type": "VideoObject",
"name": "Igbá fífín ní Ọ̀yọ́",
"thumbnailUrl": "https://example.com/igba.jpg",
"uploadDate": "2025-03-20"
```

Ìkejì ni fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò lórí Facebook. Facebook ń ka èdè kúrò lára orúkọ fáìlì yẹn. Bí ẹ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ `igba-fifin.en_US.srt`. Bí ẹ bá kọ `igba-fifin.srt` lásán, kò ní gbà á.

## Bí mo ṣe gbé ti bàbá sókè

Mo ní kí àbúrò mi jókòó, a sì ṣe é pa pọ̀. A fi `ffprobe` wò ó, a kọ ìlà ìyísí sílẹ̀. A yọ ibi tí a ti yà á kúrò, a tún wò ó: `rotation of -90.00 degrees` ṣì wà, `location` ti lọ. A sọ ẹ̀dà náà ní `Igba fifin ni Oyo.mp4`, a fà á sínú YouTube. Àkọlé ti wà níbẹ̀, a wá fi ọwọ́ tún un kọ: "Igbá fífín ní Ọ̀yọ́: bí ọ̀bẹ ṣe ń di ọnà lára igbá". Lẹ́tà 100 ni àpótí yẹn gbà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ la lò.

Àpèjúwe la lo àkókò lé lórí. Ó gba lẹ́tà 5000, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ méjì la kọ: ohun tí bàbá ń ṣe, orúkọ ọ̀bẹ tó ń lò bó ṣe pè é fún wa, àti ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Nínú àpótí táàgì a kọ `igba fifin`, `igba oyo` àti `calabash carving`, nítorí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù nìyẹn, láìsí àmì. Ibẹ̀ nìkan ni táàgì ti wúlò fún wa, kò sì gbà wá ju ìṣẹ́jú kan lọ.

A kò tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. A fi sí `Private`, a dúró dé ìgbà tí YouTube parí iṣẹ́ rẹ̀, a sì fi fóònù ẹlòmíì tí a fún láyè wò ó: bàbá jókòó ṣánṣán, àwọ̀ igbá pọ́n bó ṣe pọ́n lójú wa. Ẹ̀yìn ìyẹn la ṣí i fún gbogbo èèyàn.

Ọmọ bàbá ní kí n fi fídíò náà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí ìwé, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà lókè òkun. Mo ṣí fódà, fáìlì méjì ló wà níbẹ̀ tí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo tún tẹ àṣẹ `"-GPS*"` yẹn lórí èyí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tó jáde. Mo fi ránṣẹ́, mo sì gbé `igba.mp4_original` lọ sí dírééfù tó ń wà nínú àpótí mi nílé.